Sífí Ọmọ Ifẹ̀ ní Johannesburg

Àwọn àgbà ní bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Síbẹ̀, ọmọ Oòduà tí ó ń wá iṣẹ́ ní Johannesburg kò yé fi sífí ti ilé, tí ó kún fún ìjọba ìbílẹ̀, ẹ̀sìn àti orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ránṣẹ́ sí agbanisíṣẹ́. Òfin ilẹ̀ South Africa ti 2002 kò gbà kí a gba àlejò tí kò ní àṣẹ iṣẹ́ síṣẹ́. Nítorí náà, irú físà tí ẹ ní àti ọjọ́ tí yóò parí ni kí ẹ kọ sókè pátápátá, kí ìpele tí SAQA, àjọ tí ń díwọ̀n oyè ilẹ̀ òkèèrè, bá fún oyè yín sì tẹ̀lé e. Ká ní akáǹtà kan jáde ní Ifẹ̀ ní 2015, tí ó sì sin ilẹ̀ baba rẹ̀ ní Kánò: bí ó bá kọ “Àgùnbánirọ̀, 2016” lásán, ẹni tí kò gbọ́ irú rẹ̀ rí yóò rò pé ó fi odidi ọdún jókòó ni, ṣùgbọ́n bí ó bá kọ ọ́ pé òun ṣe ìwé owó ilé-ẹ̀kọ́ girama kan, tí òun sì ń san owó oṣù àwọn olùkọ́, iṣẹ́ gidi nìyẹn. Ojú-ìwé méjì tàbí mẹ́ta kò pọ̀ jù níbí, pẹ̀lú orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí àti ìwé ìwakọ̀. Amẹ́ríkà, ní tirẹ̀, ojú-ìwé kan péré ni í fẹ́ lọ́wọ́ ọ̀dọ́, láìsí fọ́tò, láìsí ọjọ́ orí.