Wákàtí Awakọ̀ Kì Í Ṣe Ènì

Ẹ̀yin awakọ̀ tírélà àti tánkà, ẹ̀yin mọ́tò-bọ́ì, ẹ̀yin akọ̀wé tó ń pín ìrìn-àjò ní ọ́fíìsì, ọ̀rọ̀ oorun ni mo bá wá. Bí tírélà bá yà wọ igbó lóru, ohun tí a máa ń gbọ́ ní ọjọ́ kejì ni pé awakọ̀ sùn lọ. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ìwé tí wọ́n fi rán awakọ̀ náà jáde. Aago mélòó ló jí? Aago mélòó ni wọ́n ní kó dé? Àárẹ̀ tó ń pa awakọ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀nà. Orí tábìlì ẹni tó ṣètò ìrìn-àjò ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì yẹ ká ti lọ bá a.

Ẹ jẹ́ ká mú ìrìn-àjò kan tí gbogbo yín mọ̀, láti Àpápá dé Kánò. Ó tó nǹkan bíi kìlómítà 1,000. Tírélà tó ru ẹrù, tó ń bá kòtò àti gólósílò jà, tó ń dúró níbi tí wọ́n ti ń yẹ ìwé wò, bó bá rin kìlómítà 45 ní wákàtí kan, ó gbìyànjú. Ìṣirò rẹ̀ kò le: wákàtí méjìlélógún sí mẹ́tàlélógún ni ọwọ́ awakọ̀ yóò fi wà lórí sítíárì. Wàyí o, wọ́n ní kí awakọ̀ kan lọ tò sórí ìlà ní Àpápá ní aago márùn-ún ìdájí ọjọ́ Ajé. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó gbé ẹrù lé e. Ọ́fíìsì ní kó dé Kánò ní aago mẹ́jọ àárọ̀ Ọjọ́rú. Láti aago mẹ́rin ọjọ́ Ajé dé ìgbà yẹn, ogójì wákàtí ni. Mánéjà yóò ní, "Ogójì wákàtí fún ìrìn-àjò wákàtí mẹ́tàlélógún, kí lo tún ń fẹ́?"

Ohun tí mánéjà kò kà ni ọjọ́ Ajé fúnra rẹ̀. Ẹni tó tò láti aago márùn-ún ti jí ní aago mẹ́rin. Kò sùn lórí ìlà yẹn. Ó ń sún ọkọ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀, ó ń ṣọ́ ẹni tó fẹ́ já sí i níwájú, ó ń dá àwọn ọmọ ìta lóhùn, ó ń sáré tọ kíláàkì lọ nítorí ìwé. Iṣẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ máa fi kúrò ní Àpápá, ó ti ṣe iṣẹ́ wákàtí mọ́kànlá, kò sì tíì rin kìlómítà kan nínú ẹgbẹ̀rún. Ọ́fíìsì ka wákàtí mọ́kànlá yẹn sí ènì, bí ìgbà tí oníbàárà ra gàárì tí wọ́n bu díẹ̀ lé e.

Bó bá tẹ̀ síwájú ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, aago mẹ́sàn-án alẹ́ á bá a lójú ọ̀nà. Ó ti lajú fún wákàtí mẹ́tàdínlógún. Ní 1997, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Ọsirélíà gbé ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé ẹni tó bá ti lajú fún wákàtí 17 láìsùn, bí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ pọ̀ kò yàtọ̀ sí ti ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti tó ìdá 0.05 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ẹni tí wọ́n bá bá ìwọ̀n ọtí yẹn lára rẹ̀ nídìí ọkọ̀ ti di arúfin. Awakọ̀ wa kò fẹnu kan ọtí o, àìsùn ló pa á bí ọtí. Bó bá sì ń lọ bẹ́ẹ̀ títí dé aago méjì òru sí márùn-ún ìdájí, àkókò tí ara ọmọ ènìyàn fẹ́ oorun jù lọ ló wọ̀ yẹn. Ojú lè dì fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré, kí ẹni náà má tilẹ̀ mọ̀. Ní eré kìlómítà 60 ní wákàtí kan, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta yẹn, àádọ́ta mítà ni tírélà fi rìn láìsí ẹni tó ń wà á.

Ẹ̀yin náà mọ àmì rẹ̀. Ẹ rántí pé ẹ kúrò ní Ọ̀yọ́, ẹ sì rí i pé ẹ ti ń wọ Ògbómọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n ẹ kò rántí ohun tó wà láàárín. Táyà ń kan etí ọ̀nà, ẹ ń já a padà. Ẹ ń yán ṣáá. Fèrèsé ṣíṣí àti rédíò kíké kò lè mú un kúrò. Obì yóò ta ojú jí fún ìgbà díẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn tí wọ́n ń tà ní gáréèjì, ṣùgbọ́n oorun tí ẹ jẹ ara ní gbèsè ṣì wà níbẹ̀. Bí àmì yìí bá ti yọ, ẹ yà sí ibi tó láàbò, ẹ sun oorun ogún ìṣẹ́jú. Ìyẹn yóò gbé yín dé ibi tí ẹ máa sùn sí. Kò lè gbé yín dé Kánò.

Báwo ló ṣe yẹ kí wọ́n ṣètò ìrìn-àjò yẹn? Ní 1979, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ILO, fi ìlànà lélẹ̀ fún awakọ̀ ojú títì: kí awakọ̀ má wa ọkọ̀ ju wákàtí mẹ́rin lọ láìsinmi, kí ó má ju wákàtí mẹ́sàn-án lọ lóòjọ́ àti méjìdínláàádọ́ta lọ́sẹ̀, kí ó sì ní ìsinmi wákàtí mẹ́wàá gbáko nínú wákàtí mẹ́rìnlélógún. Ẹ jẹ́ ká fi ìlànà yìí wọn Àpápá sí Kánò. Ọjọ́ Ajé parí sí Àpápá, nítorí iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ti kún. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọkọ̀ gbéra ní aago mẹ́fà àárọ̀. Wákàtí mẹ́rin gbé e dé nǹkan bí ọ̀nà Ọ̀yọ́, ó sinmi fún ìṣẹ́jú márùnlélógójì. Wákàtí mẹ́rin mìíràn gbé e kọjá Ìlọrin. Ọ̀sán ti wọ̀, ara tún ń fẹ́ oorun, nítorí náà ó sinmi fún odindi wákàtí kan. Wákàtí kan tó kù gbé e dé Jẹ́bà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó jẹun, ó wẹ̀, ó sùn. Ní Ọjọ́rú, wákàtí mẹ́sàn-án mìíràn gbé e dé agbègbè Kàdúná. Ní Ọjọ́bọ̀, wákàtí bíi márùn-ún ló kù, ó sì dé Kánò ní nǹkan bí aago méjìlá ọ̀sán.

Aago méjìlá ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ dípò aago mẹ́jọ àárọ̀ Ọjọ́rú: ọjọ́ kan àti wákàtí mẹ́rin ló wà láàárín wọn. Gbogbo ìjà náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oníbàárà ní Kánò lè gba Ọjọ́bọ̀ bí wọ́n bá sọ fún un láti ọjọ́ Ajé. Ohun tí kò lè gbà ni kí wọ́n ṣèlérí Ọjọ́rú fún un, kí ẹrù sì wà nínú kòtò ní Mọ́kwà.

Àwọn kan yóò ní mọ́tò-bọ́ì wà ńbẹ̀, kó gbà á lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. Mọ́tò-bọ́ì tí kò ní láísẹ́ǹsì kì í ṣe awakọ̀ kejì. Òun náà wà lórí ìlà láti ìdájí, òun náà kò sùn. Bí ilé iṣẹ́ bá fẹ́ kí ọkọ̀ rìn láìdúró, kí wọ́n gba awakọ̀ méjì tó ní ìwé, kí wọ́n sì san owó èèyàn méjì.

Òfin ilẹ̀ wa kò fọwọ́ lẹ́rán. Abala kẹtàlá nínú Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà sọ pé òṣìṣẹ́ tó bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí kan, àti pé nínú ọjọ́ méje, ó gbọ́dọ̀ ní ìsinmi ọjọ́ kan tí kò dín ní wákàtí 24 léra. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí tó kàn wá jù: òfin yẹn kò dá iye wákàtí iṣẹ́ lóòjọ́. Ó ní àdéhùn láàárín òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́, tàbí àdéhùn tí ẹgbẹ́ bá wọn ṣe, lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀, àti pé wákàtí tó bá lé lórí rẹ̀ di àfikún iṣẹ́. Níbi tí ẹnikẹ́ni kò bá ti jókòó ṣe àdéhùn, mánéjà nìkan ló ń dá a. Àyè yẹn ni wọ́n ń lò mọ́ wa. Àwa náà lè lò ó.

Ohun mẹ́ta ni kí ẹ gbé lọ síbi àdéhùn. Àkọ́kọ́, kí wákàtí bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ̀ bá ti tò sórí ìlà, kí dídúró jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún. Èkejì, kí wọ́n ka wákàtí kí wọ́n tó fún oníbàárà ní ọjọ́ tí ẹrù máa dé, kì í ṣe kí wọ́n fúnni lọ́jọ́ tán kí awakọ̀ wá máa lé e. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n pa owó "ẹni tó bá tètè dé" rẹ́. Òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù tó jáde ní 2006 ti ka sísan owó gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà tí awakọ̀ rìn ṣe jìn tó léèwọ̀, bó bá lè fa ewu. Ẹni tí owó oúnjẹ ọmọ rẹ̀ wà lórí eré, eré ni yóò sá.

Ẹ má gbé ẹnu lásán lọ síbẹ̀. Ẹ ra ìwé ọmọ iléèwé kan sínú ọkọ̀, kí mọ́tò-bọ́ì máa kọ ọ́: aago tí a jí, aago tí a tò, aago tí a gbẹ́rù, aago tí a gbéra, ibi tí a ti sinmi àti iye ìṣẹ́jú. Bí mánéjà bá ní irọ́ ni, ẹ ní kó ṣí tíráákà. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń béèrè ìdí tí ẹ fi dúró ní Ògèrè náà ló mọ iye wákàtí tí ẹ fi wà lórí ìlà ní Àpápá. Ètò ààbò tí àjọ FRSC dá sílẹ̀ ní 2007 sì sọ ọ́ di dandan kí ilé iṣẹ́ tó bá ní ọkọ̀ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ẹ̀ka tó ń bójú tó ààbò. Ẹ béèrè ẹni tó wà nídìí ẹ̀ka náà. Ẹ fi ẹ̀dà ìwé yín lé e lọ́wọ́, kí ẹ gba ọwọ́ sí i.

Awakọ̀ kan ṣoṣo tó bá kọ̀ láti gbéra ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, wọ́n á gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á sì fún ẹlòmíràn. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Nítorí náà, kí ẹni tí wọ́n bá gbé kọ́kọ́rọ́ náà fún béèrè lọ́wọ́ ẹni tó gbé e sílẹ̀: wákàtí mélòó lo ti lò? Bí iye náà bá ti kún, kí òun náà béèrè aago tí wọ́n fẹ́ kó dé, kó ṣe ìṣirò rẹ̀ níwájú mánéjà kó tó tan ẹnjíìnì. Ẹ pe ìpàdé ní gáréèjì yín lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ fẹnu kò sí iye wákàtí, kí gbogbo yín fọwọ́ sí i, kí ẹ sì gbé e lọ sí ọ́fíìsì pa pọ̀.