Ọlọ́pàá Kọ́ Ló Ni Pátíkúlà

Bí ọlọ́pàá bá dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà Àgbárá sí Lùsadà, ìbéèrè wọn kì í pẹ́: "Pátíkúlà ńkọ́?" Dírẹ́bà á fa nílọ́ọ̀nù kan yọ, á nà án sí wọn. Bí wọ́n bá ti dá a padà, ó parí nìyẹn. Lójú tirẹ̀, òun ti ṣe ohun tí òfin fẹ́. Àwa ò gbà bẹ́ẹ̀ o. Nítorí ọlọ́pàá nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ń ra ìwé ọkọ̀, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni fi lè tẹ ìwé òfegè tà fún wa. Ẹni tí ọkọ̀ bá gbá ló sì ń jẹ ìyà rẹ̀.

Ìbéèrè kan ni ìwé kọ̀ọ̀kan ń dáhùn. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ ń sọ ẹni tó ni ọkọ̀. Ródíwọ́dì ń sọ bóyá ọkọ̀ náà yẹ lójú títì. Inṣọ́ránsì ń sọ ẹni tí yóò sanwó bí ọkọ̀ náà bá ṣe ẹlòmíràn léṣe. Orí inṣọ́ránsì ni a ó dúró sí jù, torí òun ni irọ́ rọrùn láti fi pa mọ́ jù lọ.

Òfin rẹ̀ kì í ṣe tuntun. Òfin inṣọ́ránsì ọkọ̀ ti ọdún 1945 ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀, kò sì gbọdọ̀ gbà kí ẹlòmíràn wà á, láìsí inṣọ́ránsì fún ẹni tí ọkọ̀ náà bá pa tàbí tó bá ṣe léṣe. Nígbà tó di òfin ọdún 2003, ohun ìní ti wọ inú rẹ̀, ìtanràn N250,000 tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún kan, tàbí méjèèjì, sì wà fún ẹni tó bá rú u. Lọ́dún 2025, òfin mìíràn gba ipò ti 2003, ṣùgbọ́n dandan ṣì ni inṣọ́ránsì. Ẹ wo ibi tó ti ní "kò gbọdọ̀ gbà kí ẹlòmíràn wà á" yẹn dáadáa. Ọ̀gá tó ní bọ́ọ̀sì mẹ́ta, tó gbé wọn fún dírẹ́bà kí wọ́n máa jíṣẹ́ owó fún un lálaalẹ́, kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ ìwé kò kan òun.

Ẹ jẹ́ ká fi ọkọ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní Kòròlá kan ń bọ̀ láti Lùsadà, ó ń lọ sí Àgbárá. Tírélà dúró lójijì níwájú, Sìẹ́nà tó wà lẹ́yìn tírélà náà dúró, bírékì Kòròlá kò mú, ó sì rọ́ lu Sìẹ́nà lẹ́yìn. Bọ́ńpà, ilẹ̀kùn búùtù, iná méjèèjì, iṣẹ́ páńẹ́lì-bítà àti ọ̀dà: ká ní gbogbo rẹ̀ jẹ́ N850,000.

Bí inṣọ́ránsì Kòròlá bá jẹ́ ojúlówó, ọ̀nà wà. Àwọn méjèèjì á ya fọ́tò ibi tó ti ṣẹlẹ̀, wọ́n á gba nọ́mbà ọkọ̀ ara wọn, wọ́n á lọ gba ìwé àkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ẹni tó ni Kòròlá á tètè fi tó ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì rẹ̀ létí. Kò ní fi ẹnu ara rẹ̀ ṣèlérí owó kankan lójú títì. Ilé-iṣẹ́ náà á rán ẹni tó máa wo ọkọ̀, á yẹ iye tí mẹkáníìkì kọ wò, á sì sanwó àtúnṣe Sìẹ́nà. Tọ́ọ̀dì-pátì kò ní tún Kòròlá fúnra rẹ̀ ṣe o. Ti ẹlòmíràn nìkan ló wà fún. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2023 ni àjọ NAICOM ti fi iye tọ́ọ̀dì-pátì ọkọ̀ àdáni sí N15,000 lọ́dún, ààbò tó wà nínú rẹ̀ fún ohun ìní ẹlòmíràn sì tó mílíọ̀nù mẹ́ta náírà.

Bí ó bá jẹ́ òfegè ńkọ́? Ilé-iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé á ní àwọn ò mọ̀ ọ́n rí. Ẹni tó ni Kòròlá ni yóò wá N850,000 náà, owó tó ju tọ́ọ̀dì-pátì ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta lọ. Bí kò bá sì ní in, ẹni tó ni Sìẹ́nà, tí kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni, ni yóò fi ẹsẹ̀ rìn.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni àwa ń ṣe, a sì mọ̀ pé bébà kì í ṣe inṣọ́ránsì. Àkọsílẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ni inṣọ́ránsì. Bébà kàn ń tọ́ka sí i ni. Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lè ṣe bébà náà láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, pẹ̀lú òǹtẹ̀ àti nọ́mbà. Àkọsílẹ̀ ni kò lè ṣe. Ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì ní ibi ìkówèésí kan tí wọ́n ń pè ní NIID. Ẹ lọ sí `askniid.org` lórí fóònù, ẹ tẹ nọ́mbà ọkọ̀ yín. Bí inṣọ́ránsì yín bá wà níbẹ̀, ẹ ó rí irú ọkọ̀ náà, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ pe ilé-iṣẹ́ náà gan-an, ẹ má pe ẹni tó tà á fún yín. Àmì kan tún wà tí kò gba fóònù: iye kan náà ni NAICOM fi lélẹ̀ káàkiri, nítorí náà ẹni tó bá ní òun á ṣe tọ́ọ̀dì-pátì ọkọ̀ àdáni fún yín ní N5,000 ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ń tà.

Ẹ rántí pé bírékì ló fa ìkọlù yẹn. Iṣẹ́ ródíwọ́dì nìyẹn: kí VIO wo bírékì, táyà, iná, wáípà àti èéfín, kó tó fọwọ́ sí i. Ọdún kan ló wà fún fún ọkọ̀ àdáni, oṣù mẹ́fà fún ọkọ̀ tó ń ṣòwò. Bí ẹ bá fi owó ránṣẹ́, tí ìwé sì dé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí ọkọ̀ yín, ẹ ti ra ẹ̀rí lórí ohun tí kò ṣẹlẹ̀.

Ẹ rántí orúkọ náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ra ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ti lò ó, wọ́n sì ń fi ìwé olówó àkọ́kọ́ rìn títí ó fi tán. Inṣọ́ránsì tó wà lórúkọ ẹni tó tà á kì í tẹ̀lé ọkọ̀ wá fúnra rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá sì pa èèyàn sá lọ, ilé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí àkọsílẹ̀ ni ọlọ́pàá yóò kọ́kọ́ dé. Ẹni tó rà àti ẹni tó tà ló yẹ kó sáré yí orúkọ padà.

Àwọn kan á ní ọlọ́pàá kàn ń fi ìwé gba owó lọ́wọ́ èèyàn ni. A ò jiyàn. Ní oṣù kejì ọdún 2025 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ tọ́ọ̀dì-pátì wò káàkiri, ìbẹ̀rù yẹn náà ló gba ẹnu èèyàn. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ ká bèèrè ni pé kí ọlọ́pàá, TRACE àti VIO yẹ àkọsílẹ̀ wò lórí fóònù, kí wọ́n yé wo bébà. Ẹni tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé á máa lọ, ẹni tí tirẹ̀ kò sí á dáhùn. Àwọn mìíràn á ní ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì kì í sanwó. Wọ́n máa ń fa ọ̀rọ̀ nílẹ̀ lóòótọ́, ẹjọ́ wọn sì ṣe é gbé lọ sọ́dọ̀ NAICOM. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ta ni ẹ máa gbé ẹjọ́ ìwé òfegè lọ?

Nítorí náà, kí ẹ tó gbé ọkọ̀ jáde lọ́la, ẹ tẹ nọ́mbà yín wò. Bí ẹ bá ní bọ́ọ̀sì tí ẹlòmíràn ń wà, ẹ tẹ tiẹ̀ náà wò.