Àfonífojì Odò àti Iyanrìn Etí Òkun

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bàbá kan fi àwòrán kan hàn mí, èyí tí wọ́n fi dán ọmọ rẹ̀ wò ní ilé-ìwé. Odò kan ti orí òkè sọ̀kalẹ̀ wá sí etí òkun nínú rẹ̀, wọ́n sì kọ A, B, D àti E sí i lára. Ọmọ náà mọ orúkọ gbogbo wọn, ṣùgbọ́n máàkì díẹ̀ ni ó gbà, nítorí pé wọ́n ní kí ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe wáyé.

A wà ní orí òkè. Odò ń sáré níbẹ̀, ó ń fi òkúta wẹ́wẹ́ ha ìsàlẹ̀ ara rẹ̀, ó sì ń jìn sí i. Bí òjò ti ń rọ̀ ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ń ya lulẹ̀, tí omi ń gbá a lọ. Nítorí náà ni àfonífojì ibẹ̀ fi fẹ̀ lókè tí ó sì há nísàlẹ̀. Ní B, lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀, odò tẹ̀ bí ọrun: omi ń sáré lẹ́yìn ọrun náà, ó ń jẹ bèbè, ó ń rọra lọ nínú ọrun, iyanrìn sì ń jókòó síbẹ̀.

Ibi tí ọmọ náà ti ṣìnà ni D, tí í ṣe ọ̀sà, àti E, iyanrìn gígùn tó dábùú níwájú rẹ̀. Ó ní odò nìkan ni ó ṣe méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí a wo Èkó. Ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, nígbà tí yìnyín ńláńlá ayé yọ́, òkun ga, ó sì bo ìsàlẹ̀ àfonífojì àwọn odò mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìgbì to iyanrìn síwájú ibẹ̀. Ìgbì ń ti gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn wá, ó ń gun etí òkun ní ìdàgẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n tààrà ni omi rẹ̀ ń padà. Báyìí ni iyanrìn ṣe ń sún díẹ̀díẹ̀ sí ìlà-oòrùn.

Ẹ̀rí rẹ̀ kò farasin. Láàrin 1908 sí 1912 ni wọ́n kọ́ ògiri òkúta wọ inú òkun ní ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi Èkó, kí iyanrìn má baà dí i. Iyanrìn wá ń gbá jọ sí ìwọ̀-oòrùn ògiri náà. Ní ìlà-oòrùn, ní etí òkun Fikitóríà, ìgbì ń kó ti ibẹ̀ lọ, kò sì sí òmíràn tí yóò rọ́pò rẹ̀. Kí ó tó di 1960, òkun ti jẹ ilẹ̀ ibẹ̀ ju kìlómítà kan lọ.

Nítorí náà, bí ògiri bá wà nínú àwòrán, ibi tí iyanrìn gbá jọ sí ni ó ti ń bọ̀. Bí kò bá sí, ẹ wo ṣónṣó E: ibi tí ó kọjú sí ni iyanrìn ń lọ. Ọfà tí wọ́n yà sínú odò kò lè sọ ìyẹn fún yín.