Ṣé mílíọ̀nù kan ènìyàn ló wo fídíò náà lóòótọ́?

Ẹ lè rí i lábẹ́ fídíò olóṣèlú kan pé: "Mílíọ̀nù kan ènìyàn ti wò ó." Ẹ má tíì pín in. Láti ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2025, gbogbo ìgbà tí fídíò YouTube Shorts bá ti bẹ̀rẹ̀, tàbí tó tún bẹ̀rẹ̀, ni YouTube ń kà á sí ìwò kan, bó ti wù kó yá tó tí ẹni náà fi kọjá.

Bí ẹnìkan bá jẹ́ kí fídíò náà yí po lẹ́ẹ̀mẹ́fà, tí ẹni mẹ́rin sì kàn fi ìka rọ́ ọ kọjá, iye tó hàn lè di 10. Ẹnìkan ṣoṣo ló wò ó.

YouTube máa ń yọ ìwò bọ́ọ̀tì, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe bí ènìyàn. Ìdí nìyí tí iye náà fi lè dínkù nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n kì í yọ ti ẹni tó kàn ń kọjá.

Olówó fídíò ló ń rí "Engaged views", ìwò àwọn tó dúró, àti "Unique viewers", iye ènìyàn tí YouTube fojú bù, nínú YouTube Studio. Ẹ ní kó fi méjèèjì hàn. Bí kò bá fi hàn, ohun tí ẹ lè sọ ni pé fídíò náà bẹ̀rẹ̀ nígbà mílíọ̀nù kan.