Ẹ Mú Ìrorẹ́ Lọ, Ẹ Fi Awọ Sílẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ibi tí mo dúró sí. Onífọ́tò tó bá tẹ bọ́tìnnì kan ṣoṣo, tí gbogbo ojú ènìyàn sì dán lẹ́ẹ̀kan náà, kò tíì tọ́jú ìrorẹ́ kankan. Awọ ló pa. Ìrorẹ́ gan-an lè ṣì wà níbẹ̀, tó kàn ti di àbààwọ́n ràkọ̀ràkọ̀.

Láti Tẹ̀dé títí dé Ṣakí, ẹ wo fọ́tò tí wọ́n ń gbé sórí ìwé ìpè ìgbéyàwó àti ti ọjọ́ ìbí. Gbogbo ojú ti dà bí abọ́ tánganran. Ìyàwó ojú ọ̀nà ò ní ihò kan lẹ́rẹ̀kẹ́, ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún náà ò ní. Wọ́n á ní “ó mọ́ dáadáa.” Kí ló mọ́ níbẹ̀?

Èmi, sọ́fítíwia ni mo ń kọ jẹun, torí náà ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ká ní a ya ojú kan láti itòsí, tí ojú náà gba píksẹ́lì 2,000 láti etí dé etí. Ojú àgbàlagbà fẹ̀ tó nǹkan bí mìlímítà 140. Ìyẹn ni pé mìlímítà kan jẹ́ píksẹ́lì 14 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ihò awọ kan lè fẹ̀ tó ìdá kan nínú márùn-ún mìlímítà, ìyẹn píksẹ́lì 3. Ìrorẹ́ tó fẹ̀ ní mìlímítà 3 jẹ́ píksẹ́lì bíi 42. Ohun tí bọ́tìnnì ìdánjú ń ṣe ni pé ó ń po píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan mọ́ àwọn tó yí i ká. Tó bá pò ó ní ìwọ̀n tó lè gbé ohun tó jẹ́ 42 mì, ohun tó jẹ́ 3 ti kú tipẹ́. Ohun kékeré ló kọ́kọ́ ń lọ. Ẹ sọ fún un pé kó lé àlejò, onílé ló lé jáde.

Àwọn kan á ní bọ́tìnnì ti òde òní gbọ́n ju ìyẹn lọ, pé ó ń dá ẹyinjú àti ètè sí. Òótọ́ ni. Ibi tí àwọ̀ ti yàtọ̀ síra gan-an ni kì í pò. Ẹ wá ro ohun tíyẹn túmọ̀ sí lójú ọlọ́lá ilà. Àbàjà tó ti wà lẹ́rẹ̀kẹ́ fún ọgọ́rin ọdún, àwọ̀ rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ mọ́. Lójú ẹ̀rọ, àbààwọ́n ni. Mo ti rí fọ́tò ìyá àgbà kan nínú ẹbí wa tí sítúdíò kan dá padà fún wa láìsí ilà kankan lójú wọn, wọ́n sì gbowó. Ìyá wò ó, wọ́n bi wá pé ta nìyí.

Ìgbèjà kan wà tí mi ò ní fojú tẹ́ńbẹ́lú. Wọ́n á ní Yorùbá fẹ́ràn dídán, pé àwọn onífọ́tò àtijọ́ náà máa ń tún ojú ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni. Láyé fíìmù, pẹ́ńsù ẹlẹ́nu ṣóńṣó ni wọ́n fi ń ṣe é, lórí nẹ́gátíìfù fúnra rẹ̀. Ibi tó bá dúdú lójú ènìyàn, fífúyẹ́ ló máa ń fúyẹ́ lórí nẹ́gátíìfù, wọ́n á fi pẹ́ńsù kún un díẹ̀díẹ̀ kó lè mọ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Ojú kan lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n ń fọwọ́ kàn. Ọwọ́ ẹni tó ń ṣe é ló ń yan èyí tó máa lọ.

Robert Farris Thompson tó bá àwọn Yorùbá sọ̀rọ̀ nípa ère kọ ọ́ jáde ní 1973 pé wọ́n fẹ́ràn dídán lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n tún béèrè jíjọra. Ẹ wo ère ìbejì tó bá ní ilà: igi á dán, ilà á sì hàn ketekete. Agbẹ́gilére kì í tìtorí pé ó fẹ́ kí ère dán kó wá pa ilà rẹ́.

Kí wá ni ká mú kúrò? Ohun tí kò ní bá ẹni náà dé oṣù tó ń bọ̀. Ìrorẹ́ á lọ, èéfọ́ tí ọyẹ́ fà sí ètè á lọ. Àmì ìbí, ilà, àpá iná ìgbà èwe, wọn ò lọ síbì kankan. Èyí tó le ni àpá dúdú tí ìrorẹ́ fi sílẹ̀, torí lára aláwọ̀ dúdú ó lè pẹ́ tó oṣù mélòó kan. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ojú. Tó bá ní kó lọ, ẹ dín in kù, ẹ má pa á rẹ́.

Nígbà ọyẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ya fọ́tò ní Tẹ̀dé fún ìwé ìpè mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ó fi òrí para, ara ń dán, ìrorẹ́ márùn-ún sì wà níbẹ̀: mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbọ̀n, ọ̀kan nímú, ọ̀kan níwájú orí lẹ́bàá irun. GIMP ni mo lò, ọ̀fẹ́ ni. Mo fi `Shift+Ctrl+D` ṣe ẹ̀dà fọ́tò náà sórí ara rẹ̀, kí ti àkọ́kọ́ má bàa bàjẹ́, mo sì tẹ `H` fún irinṣẹ́ `Heal`.

Irinṣẹ́ yìí yàtọ̀ sí bọ́tìnnì yẹn pátápátá. Ẹ á di `Ctrl` mú, ẹ á tẹ ibi tí awọ ti dára, lẹ́yìn náà ẹ á tẹ ìrorẹ́. Ó máa mú ihò awọ láti ibi tó dára yẹn, àmọ́ ó máa mú àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ láti etí ibi tí ìrorẹ́ wà. Irú rẹ̀ ti wà nínú Photoshop láti 2002. Búrọ́ọ̀ṣì mi kàn fẹ̀ ju ìrorẹ́ lọ díẹ̀ ni, bíi píksẹ́lì 55.

Ibi tí a ti ń mú awọ ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Ihò imú tóbi ju ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ, torí náà imú ni mo fi tún imú ṣe. Fún àwọn ti àgbọ̀n, ìsàlẹ̀ àgbọ̀n lápá kan náà ni mo lọ, níbi tí iná ti ń bọ̀ bákan náà, mo sì yí ojú ibi tí mo ti ń mú un padà nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tí ẹ bá lo ibì kan ṣoṣo, ihò kan náà á máa tún ara rẹ̀ ṣe, ojú á sì rí i. Lára aláwọ̀ dúdú, ìrorẹ́ kì í ṣe àwọ̀ nìkan, ó ga sókè: ẹ̀gbẹ́ kan ń dán, ẹ̀gbẹ́ kejì ní òjìji. Búrọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ bo méjèèjì. Èyí tó wà lẹ́bàá irun ni `Heal` bà jẹ́, torí ó fa dúdú irun wọ iwájú orí. Mo dá a padà, mo lo `Clone` níbẹ̀.

Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ẹni tó bá ń sọ pé kò sáyè, ẹ bi í iye tó gbà.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ṣe sí fọ́tò yín, ẹ gba ti àkọ́kọ́ àti èyí tí wọ́n tún ṣe, kí méjèèjì jẹ́ ìwọ̀n kan náà láìgé e, kẹ́ ẹ sì yọ ọ̀kan kúrò nínú ìkejì:

```python
import cv2
a = cv2.imread("akoko.png")
b = cv2.imread("atunse.png")
d = cv2.absdiff(a, b)
cv2.imwrite("iyato.png", cv2.convertScaleAbs(d, alpha=5))
```

Ohun tí kò yí padà á dúdú, ohun tí wọ́n fọwọ́ kàn á tàn. Tí wọ́n bá tún àwọ̀ gbogbo fọ́tò náà ṣe, ibi gbogbo á tàn díẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Nínú ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, òkùnkùn ni gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀kán ìmọ́lẹ̀ márùn-ún. Nígbà tí mo ṣe ti ìyá àgbà, gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló tàn wìnnìwìnnì bí iyanrìn, àbàjà wọn sì hàn láàárín rẹ̀ ní ìlà-ní-ìlà. Ibẹ̀ la ti rí i. Mo ti fi àwòrán ìyàtọ̀ yẹn ránṣẹ́ sí sítúdíò náà, mo ní kí wọ́n tún un tẹ̀ láti ara ti àkọ́kọ́.