Ọtí Àná Lára Awakọ̀ Òwúrọ̀

Ẹ̀yin ará Bàbáńlá, àti ẹ̀yin ọmọ Ìgbómìnà tí ẹ ń ti Ìlọrin àti Èkó wálé wá ṣe ìnáwó, ẹni tó mutí yó tó sì fẹ́ wakọ̀ lóru kọ́ ni mo ń bá wí. Gbogbo wa la mọ̀ pé kò yẹ kí onítọ̀hún fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Ẹni tó sùn, tó jí, tó wẹ̀, tó wọ aṣọ tó mọ́, tó wá jókòó sídìí sítíárìn láago mẹ́fà àárọ̀ pé ojú òun ti dá, òun ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ọtí àná lè ṣì pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ọkùnrin kan tó wọn 70 kílò lọ síbi àìsùn òkú. Ó ṣí bíà àkọ́kọ́ láago mẹ́jọ alẹ́, ó mu ìgò ńlá márùn-ún, ó sì gbé èyí tó kẹ́yìn sílẹ̀ láago kan òru. Bí agbára bíà náà bá jẹ́ 5 nínú 100, ògidì ọtí tó wà nínú ìgò 60 sẹ̀ntílítà kan tó gíráàmù 24. Ìgò márùn-ún yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 120.

Ẹ̀dọ̀ ló ń palẹ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú ọtí náà mọ́, kì í sì í kánjú. Lára ẹni tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, bíi gíráàmù 7 ló ń mú kúrò ní wákàtí kan, ì báà jẹ́ ìgò kan lèèyàn mu, ì báà jẹ́ mẹ́fà. Ó dà bí ẹnu ọ̀nà tóóró tó ń gba ènìyàn kan ṣoṣo: bí èrò bá ti pọ̀ níta, kò sọ ọ̀nà di gbòòrò, ńṣe ni ìdúró yóò kàn pẹ́ sí i. Onímọ̀ ará Súwídìn kan, Erik Widmark, kọ ìṣirò yìí sínú ìwé ní ọdún 1932, àwọn tó ń yẹ ọtí wò lára awakọ̀ ṣì ń lò ó títí dòní.

Bí a bá tẹ̀lé ìṣirò náà, láago mẹ́fà àárọ̀, ọtí tó kù lára ọkùnrin wa yóò tó mílígíráàmù 98 nínú 100 mílílítà ẹ̀jẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí òfin má ṣe gba awakọ̀ láyè kọjá 50. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, tó gbà títí dé 80, kò ní jẹ́ kó wakọ̀. Yóò kọjá aago mẹ́sàn-án kí tirẹ̀ tó wálẹ̀ dé 50, yóò sì tó nǹkan bí aago méjìlá ààbọ̀ ọ̀sán kí ọtí tó tán pátápátá. Wákàtí mẹ́rin tó fi sùn kò dín ọtí kù ju wákàtí mẹ́rin mìíràn lọ.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ ó ní omi tútù, kọfí, orógbó, omi ọsàn wẹ́wẹ́, omi ọbẹ̀ ẹja gbígbóná. Àwọn wọ̀nyí lè la ojú ẹni, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ kò tìtorí wọn yára. Oúnjẹ tí a jẹ ká tó mutí máa ń jẹ́ kí ọtí rọra wọ ẹ̀jẹ̀, kì í lé e jáde. Ẹni tó bì lówùúrọ̀ sì ti pẹ́ jù, nítorí ọtí ti kúrò níkùn.

Ibi tó ń tan ènìyàn jẹ gan-an ni pé ara àárọ̀ sàn ju ara òru lọ. Láàárín òru, ọtí ọkùnrin yẹn ga ju 150 lọ. Tó bá wá di 98, ó rò pé òun ti bọ̀ sípò. Ọ̀nà kò mọ ìyẹn. Ọkọ̀ tó ń sáré 60 kìlómítà ní wákàtí ń rin bíi mítà 17 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ọmọ iléèwé bá já sọ́nà láago méje, tí ẹsẹ̀ awakọ̀ sì fi àáyá kan péré pẹ́ dé orí bíréèkì, mítà 17 náà ti lọ.

Obìnrin tó mu iye kan náà, tirẹ̀ sábà máa ń ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí omi ara rẹ̀ kéré sí ti ọkùnrin. Ní ti ògógóró àti páragà, èmi ò lè bá yín ṣírò rẹ̀, torí kò sẹ́ni tó wọn agbára ohun tó wà nínú ife náà. Ẹni tó mu ún lálẹ́, kó má wakọ̀, kó má sì gun ọ̀kadà títí ọjọ́ kejì yóò fi ṣú.

Fún bíà, ẹ ka wákàtí mẹ́rin fún ìgò ńlá kan, bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ẹ ṣí èyí àkọ́kọ́. Ó fi díẹ̀ lé sí ìṣirò tí mo ṣe, torí ẹ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ́ra, ara ẹlòmíràn sì kéré. Nípa bẹ́ẹ̀, ìgò márùn-ún láti aago mẹ́jọ alẹ́ di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Ẹ̀yin olókùú, ẹ má fi ọkọ̀ tí yóò kó àlejò padà sí ìdájí, àfi bí awakọ̀ náà kò bá fẹnu kan ọtí rárá. Ẹ sì sọ fún un kó tó di alẹ́, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti ṣí ìgò.

Ẹ̀yin èrò ọkọ̀, ẹ fi ọ̀wọ̀ bi awakọ̀ yín kẹ́ ẹ tó wọlé: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ìgò mélòó lẹ mu lánàá, ìgbà wo lẹ sì bẹ̀rẹ̀?” Bó bá ní mẹ́ta ni, láti aago mẹ́wàá alẹ́, kò gbọdọ̀ gbé yín kó tó di aago mẹ́wàá àárọ̀. Ẹ dúró dè é, tàbí kẹ́ ẹ wá ọkọ̀ mìíràn.