Kì í ṣe gbogbo òòyì ni àrùn etí

Ẹni tí ilé ń yí mọ́ lójú, ẹni tí ojú rẹ̀ ṣú nígbà tó dìde, àti ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ranlẹ̀ dáadáa, gbogbo wọn ni yóò sọ fún dókítà pé òòyì ń kọ́ àwọn. Lójú èmi tí mo ń fi ìtumọ̀ èdè ṣiṣẹ́ ṣe, ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. A máa ń pe òòyì ní àrùn etí kí a tó béèrè bí ó ṣe pẹ́ tó àti ohun tó bá a rìn.

Túúlu, ẹ̀fọ́rí líle tó sábà máa ń lu apá kan orí, lè mú òòyì wá, kódà lọ́jọ́ tí orí kò fọ́ rárá. Ní ọdún 2012, àwọn onímọ̀ ìṣègùn àgbáyé fẹnu kò lórí òdiwọ̀n rẹ̀: òòyì náà yóò ti ṣẹlẹ̀ nígbà 5 ó kéré tán, yóò máa gba ìṣẹ́jú 5 sí wákàtí 72, túúlu yóò sì ti máa ṣe ẹni náà. Ó kéré tán, ní ìdajì ìgbà wọ̀nyí, ẹ̀fọ́rí túúlu yóò bá a rìn, tàbí kí ìmọ́lẹ̀ àti ariwo má ṣeé gbà mọ́ra, tàbí kí nǹkan máa kọ mànà níwájú ojú.

Ti inú etí yàtọ̀. Ọ̀kan wà tí kì í sábà tó ìṣẹ́jú kan, tó máa ń dé bí ènìyàn bá yí padà lórí ibùsùn. Òmíràn, àrùn Mẹ́níà, máa ń gba ogún ìṣẹ́jú sí wákàtí 12. Etí kan yóò dí, yóò máa hó, ìgbọ́ràn rẹ̀ yóò sì máa dín kù. Nítorí náà, àyẹ̀wò ìgbọ́ràn ṣe pàtàkì. Àmọ́ ṣá o, Mẹ́níà àti túúlu lè pàdé lára ẹnì kan.

Kí ni ó ń ta á jí? Ìwé ni yóò sọ. Ẹ jẹ́ kí a fi obìnrin aránṣọ kan ṣe àpẹẹrẹ. Fún ọ̀sẹ̀ 8, ní alaalẹ́, ó ń kọ wákàtí tó fi sùn, ìgbà tó jẹun, àti ọjọ́ nǹkan oṣù rẹ̀. Bí òòyì bá dé, yóò kọ aago tó bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó parí, àti bí etí ṣe rí. Nǹkan dídùn ni ó fura sí. Òòyì kọ́ ọ nígbà 4. 3 nínú rẹ̀ jẹ́ ìgbà tí àìsùn nítorí aṣọ ẹbí bọ́ sí ìtòsí nǹkan oṣù. Àìsùn nìkan wáyé ní alẹ́ 7, òòyì kò dé. Ká ní ọjọ́ tí òòyì dé nìkan ni ó kọ sílẹ̀, kò ní mọ èyí.

Nǹkan dídùn ńkọ́? Ó máa ń jẹ ẹ́ lọ́pọ̀ ọjọ́ láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú òòyì, ó máa ń wù ú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Irú ìfẹ́ ọkàn bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ túúlu fúnra rẹ̀, kì í ṣe ohun tó fà á.

Ìwé náà ni kí ó gbé lọ bá dókítà. Ṣùgbọ́n bí òòyì bá dé lójijì, tí ahọ́n ń lọ́, tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan rọ, tàbí tí ojú ń rí nǹkan kan bíi méjì, kí wọ́n gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.